Igi Máńgòrò, Òjò Ìrọ̀lẹ́ àti Íńtánẹ́ẹ̀tì Sátẹ́láìtì l'Ógbómọ̀ṣọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Ń Gé E

Ẹni tó bá gbé díìṣì Starlink sórí òrùlé l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí ìpè WhatsApp rẹ̀ sì ń gé, "nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa" ló máa kọ́kọ́ wí. Irọ́ kọ́ ló pa, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tíì sọ nǹkan kan. Ohun márùn-ún ló lè wà nídìí gígé yẹn: igi tàbí ilé tó dí ojú ọ̀run, òjò, èrò tó pọ̀ lórí ìlà lálẹ́, Wáì-Fáì inú ilé, àti iná tó ń ṣẹ́jú. Ojútùú ọ̀kan ò jọ ti èkejì rárá. Ẹni tó bá gé igi máńgòrò tó ń so fún un lọ́dọọdún nítorí ohun tí Wáì-Fáì fà, ó ti pàdánù máńgòrò, ìpè rẹ̀ á sì tún máa gé.

Wíwọ̀n ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ohun tí ẹ máa lò ò ju fóònù, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, téèpù ìdíwọ̀n àti nǹkan bí ọjọ́ méjì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó

Sátẹ́láìtì ayé àtijọ́, irú èyí tí díìṣì tẹlifíṣọ̀n ń wò, dúró sójú kan lókè ìlà agbedeméjì ayé, ní 35,786 kìlómítà sókè. Bí ẹ bá tẹ nǹkan lórí fóònù, ìbéèrè yín á gòkè lọ bá sátẹ́láìtì, á sọ̀ kalẹ̀ sí ibùdó orí ilẹ̀. Ìdáhùn á tún gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n rin ọ̀nà yẹn. Ìgbì rédíò ń sáré ní nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, síbẹ̀ ìrìn yẹn nìkan gba nǹkan bí 480 mílísẹ́kọ́ǹdù, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ bá fi iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ kún un, á lé ní 600. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi irú ẹ̀ pe ara wọn fi máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Sátẹ́láìtì Starlink ò jìnnà bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 550 kìlómítà sókè ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀nà yẹn jẹ́ 2,200 kìlómítà, ìgbì rédíò sì máa rìn ín tán láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 7 àti díẹ̀. Kí ló wá dé tí fóònù yín ń kọ 40 tàbí 55? Àkọ́kọ́, sátẹ́láìtì kì í sábà wà ní àtàrí yín gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń wà, ọ̀nà á sì gùn sí i. Ìkejì, díìṣì yín àti ti àwọn ará àdúgbò ń pín sátẹ́láìtì kan náà lò, oníkálukú ń dúró de àyè tirẹ̀. Ìkẹta, láti ibùdó orí ilẹ̀, ìsọfúnni ṣì máa gba wáyà lọ sí Èkó kó tó jáde sínú íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbogbòò.

Nítorí náà, àlọ-àbọ̀ tó bá wà láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 30 sí 60 dé Èkó, kò sí àléébù níbẹ̀. Tí ohun tí ẹ ń wá bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan ní Yúróòpù, wáyà abẹ́ òkun á fi nǹkan bí 100 lé e, ẹ óò sì rí nǹkan bí 130 sí 170. Òpó gíga kan ò lè dín ìyẹn kù, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù tó pọ̀ jù ò lè dín in kù. Ọmọ tó ń gba bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù láti àdúgbò Ọ́ńdà-Jíì l'Ógbómọ̀ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ retí 40.

Àmọ́ ìsúnmọ́ yẹn ní owó tí à ń san lé e. Sátẹ́láìtì tó sún mọ́ ilẹ̀ kì í dúró. Ó ń sáré ju kìlómítà 7 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú mélòó kan ló sì máa fi kọjá lójú ọ̀run wa. Gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni wọ́n ń tún pín in, èyí tí díìṣì yín máa bá sọ̀rọ̀. Díìṣì tẹlifíṣọ̀n ń wo ojú ihò kan ṣoṣo lójú ọ̀run, nítorí náà ó lè wà láàárín igi méjì kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ti Starlink ń wo ọ̀run tó fẹ̀ bí agboòrùn tí a ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sójú ibi tí díìṣì tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà torí pé "ibẹ̀ ń gbé e dáadáa", ó ti ṣìṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà tún kù. Dígírì 8 ni a fi wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn sátẹ́láìtì yìí ń gbà dagun ní dígírì 53, èyí sì mú kí wọ́n pọ̀ jọ sójú ọ̀run àwọn ará Yúróòpù, kí wọ́n sì ṣọ̀wọ́n sí i bí a bá ṣe ń sún mọ́ agbedeméjì. Bákan náà, ìlà tí àwọn sátẹ́láìtì adúró-sójú-kan tò sí gba fẹ́rẹ̀ẹ́ àtàrí wa kọjá, ó kàn yà díẹ̀ sí gúúsù. Òfin àgbáyé lórí ìgbì rédíò ò jẹ́ kí àwọn sátẹ́láìtì tó wà nísàlẹ̀ tan ìgbì sí wa láti ojú ọ̀nà ìlà yẹn, kí wọ́n má bàa dí àwọn adúró-sójú-kan lọ́wọ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún onílé ni pé ihò tó ṣí sílẹ̀ lókè orí nìkan ò tó. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀run ṣe pàtàkì níbí, igi ẹ̀gbẹ́ ilé sì lè bà á jẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn igi kí ẹ tó lu ihò sára ògiri

Ápù Starlink ò béèrè owó, ẹ lè gbé e sórí fóònù kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ tẹ `Check for Obstructions`, kí ẹ máa fi kámẹ́rà wo ọ̀run yí ká bó ṣe ń darí yín. Ibi tí díìṣì máa wà gan-an ni kí ẹ ti ṣe é, ní gíga tó máa wà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn dúró sí àgbàlá yẹ̀ ẹ́ wò, kó wá gbé díìṣì sórí òrùlé. Tàbí kó yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ tí oòrùn ń ta sí kámẹ́rà lójú, tí ápù ò fi rí ewé. Ìrọ̀lẹ́ tàbí ìgbà tí ìkùukùu bá wà ló dáa jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìṣirò ti ápù lẹ́yìn. Díìṣì lè bá sátẹ́láìtì tó wà ní dígírì 25 sókè láti ojú ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìlànà tó rọrùn láti inú èyí ni pé mítà kọ̀ọ̀kan tí igi fi ga ju díìṣì lọ ń béèrè mítà méjì àti díẹ̀ láàárín igi àti díìṣì. Igi tó fi mítà 5 ga ju díìṣì gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 11.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tó jọ ọ̀pọ̀ ilé ìlú wa. Ilé ilẹ̀ ni, góńgó òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 4.5. Lápá ìwọ̀-oòrùn, mítà 9 sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé díìṣì sí, igi máńgòrò àgbà kan wà tó ga ní mítà 12. Igi náà fi mítà 7.5 ga ju díìṣì lọ. Ó yẹ kó jìnnà ní mítà 16, mítà 9 péré ló sì jìnnà. Tí a bá ṣírò rẹ̀, igi yẹn dí ọ̀run láti ilẹ̀ títí dé nǹkan bí dígírì 40 lápá ibẹ̀. Sátẹ́láìtì èyíkéyìí tó bá gba ibẹ̀ kọjá, díìṣì á pàdánù rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láìfọwọ́ kan igi. Ọ̀nà kìíní: òpó mítà 3. Díìṣì á di mítà 7.5, igi á fi mítà 4.5 péré ga jù ú lọ, ìdíwọ́ á sì bọ́ sí nǹkan bí dígírì 27. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àmọ́ òpó mítà 3 gbọ́dọ̀ dúró gbagidi. Páìpù irin tó bá ń mì nínú ìjì á máa yí ojú díìṣì, ẹ óò sì ti fi ìyọnu kan pààrọ̀ òmíràn. Ẹ fi okùn wáyà mẹ́ta fà á mú, kí ẹ sì ri wáyà láti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sínú ilẹ̀ nítorí mànàmáná.

Ọ̀nà kejì: ẹ gbé díìṣì lọ sí ìpẹ̀kun ilé lápá ìlà-oòrùn. Ilé náà gùn ní mítà 12, nítorí náà igi á di mítà 21 sí díìṣì. Mítà 7.5 lórí mítà 21 fún wa ní dígírì 20, ó ti bọ́ sísàlẹ̀ 25. Kò sí òpó, kò sí wàhálà. Ọ̀nà yìí la máa yàn, àfi tí táǹkì omi bá wà níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: táǹkì lítà 2,000 lórí ìdúró irin tó ga ní mítà 6, tó wà ní mítà 2 sí díìṣì, burú ju igi máńgòrò lọ, nítorí ìgbì ò lè gba inú omi kọjá rárá. Ẹ wọn wáyà pẹ̀lú. Mítà 15 ni ti díìṣì oríṣi tó wọ́pọ̀ jù, ibi tí ráútà wà ò sì gbọ́dọ̀ jìn jù ú lọ.

Kí àlàfo díẹ̀ ṣẹ́kù. Máńgòrò máa ń yọ ewé tuntun, ẹ̀ka rẹ̀ á sì gùn. Ibi tí ápù sọ lóṣù kejì pé ó mọ́ lè má mọ́ mọ́ lóṣù kẹfà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ wá ka àwòrán rẹ̀

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, díìṣì fúnra rẹ̀ á máa ya àwòrán ọ̀run: ibi tó ti gbọ́ sátẹ́láìtì àti ibi tí kò ti gbọ́. Àwòrán yẹn ò ní pé kí wákàtí bí 12 tó kọjá, odindi ọjọ́ kan ló sì dáa jù. Ẹ má ṣe máa sún díìṣì kiri ní gbogbo wákàtí méjì. Tí ẹ bá sún un, ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ padà sí. Nínú ápù, ẹ tẹ `Obstructions`. Ibi tó bá pupa ni ibi tí nǹkan dí.

Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á rí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á ní, "Ìdá 97 ṣáà ń ṣiṣẹ́." Ẹ ṣírò rẹ̀. Ìdá 3 nínú wákàtí 24 jẹ́ ìṣẹ́jú 43. Ìṣẹ́jú 43 yẹn ò sì wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fọ́nká ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan mélòó kan. Tí gígé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 6, ó ju ìgbà 430 lọ láàárín ọjọ́ kan, ìyẹn nǹkan bí ìgbà 18 ní wákàtí kan. Ìpè tó bá gùn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá á gé ní ìgbà mẹ́ta.

Ohun tó wá ń rú èèyàn lójú ni pé ẹni tó ń wo fídíò nínú ilé kan náà ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. YouTube máa ń kó ìṣẹ́jú-àáyá púpọ̀ pamọ́ ṣáájú, nítorí náà gígé ìṣẹ́jú-àáyá 6 ò kàn án. Ìpè, ìdánwò orí ẹ̀rọ àti eré orí ẹ̀rọ ló ń jìyà rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ pé "fídíò ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìpè nìkan ló ń gé", igi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Fún iṣẹ́ tó ń lo ìpè lójoojúmọ́, ẹ sapá kó bọ́ sísàlẹ̀ ìdá 0.5, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 lóòjọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: píìngì mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan náà

Ibí ni a ti ń mọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Píìngì jẹ́ ìbéèrè kékeré tí kọ̀ǹpútà ń rán jáde, tó sì ń ka ìgbà tí ìdáhùn fi padà dé. Ẹ ṣí fèrèsé àṣẹ mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà tó wà lórí Wáì-Fáì, kí ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀. Lórí Windows, níbi tí wọ́n ń pè é ní `Command Prompt`:

```
ping -n 900 192.168.1.1
ping -n 900 192.168.100.1
ping -n 900 1.1.1.1
```

Lórí Linux tàbí Mac, ẹ fi `-c` rọ́pò `-n`. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń rán an, nítorí náà 900 jẹ́ ìṣẹ́jú 15. Àkọ́kọ́ ń lọ bá ráútà inú ilé, ìkejì ń lọ bá díìṣì fúnra rẹ̀, ìkẹta ń gba òkè lọ síta. Tí ẹ bá ti fi ráútà mìíràn rọ́pò ti Starlink, ẹ fi àdírẹ́sì tirẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ wá wo wọ́n papọ̀. Tí ti ráútà bá ń ka mílísẹ́kọ́ǹdù 2 sí 10, tó wá ń fò sókè sí 200 tàbí tó ń sọnù, ọ̀rọ̀ ò tíì jáde nílé: ògiri, ìjìnnà, tàbí Wáì-Fáì aládùúgbò ló fà á. Ẹ sún mọ́ ráútà, kí ẹ tún un ṣe. Tí ti ráútà àti ti díìṣì bá dúró gírígírí, tí ìkẹta nìkan sì ń sọnù ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan káàkiri, lójú oòrùn gan-an, igi ni. Ẹ bá a wò pẹ̀lú `Outages` nínú ápù, ó máa ń kọ `Obstructed` sí i. Tí ìkẹta ò bá sọnù, àmọ́ tó gòkè láti 45 lọ sí 90 tàbí 120 láàárín aago 7 sí 11 alẹ́, tó sì sọ̀ kalẹ̀ lóru, èrò ló pọ̀ lórí ìlà. Tó bá ń fò lọ sí 300 nígbàkúùgbà, ẹ bi àwọn ará ilé léèrè ta ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ sókè. Fóònù kan tó ń kó fọ́tò gígàbáìtì 2 pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí ìlà tó ń gbé mégábíìtì 10 sókè, máa gba ìlà náà fún bí ìṣẹ́jú 27, gbogbo píìngì á sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sún ìkópamọ́ náà sí aago 2 òru.

Tí díìṣì fúnra rẹ̀ ò bá dáhùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ wo iná. Ìgbà tí iná NẸ́PÀ bá lọ tí ínfátà ò sì yára gbà á, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ti tó láti pa díìṣì, ó sì lè gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó tún dìde kó wá sátẹ́láìtì. Èèyàn á máa bínú sí ojú ọ̀run, ṣáńjìófà ló sì jẹ̀bi. Ínfátà tó ń gbà á lójú ẹsẹ̀, tàbí yúpíẹ́ẹ̀sì kékeré kan fún díìṣì àti ráútà nìkan, ló máa yanjú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òjò, àti ohun tí òjò ò ṣe

Ìgbì tí díìṣì ń gbà wà ní nǹkan bí gígáhátìsì 11 sí 12, gígùn rẹ̀ ò sì ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Ẹ̀kán òjò ńlá ń gba agbára ìgbì bẹ́ẹ̀, ó sì ń fọ́n ọn ká. Ìkùukùu lásán ò ṣe nǹkan tó ṣeé rí. Òjò wẹẹrẹ náà ò ṣe nǹkan púpọ̀. Òjò ńlá tó ń lu páànù bí ìlù ni ọ̀tá.

Ẹ wo bó ṣe le tó. Òjò tó ń rọ̀ bíi mílímítà 100 ní wákàtí kan lè gba ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára ìgbì náà ní kìlómítà kan ṣoṣo. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣẹ́kù. Lẹ́yìn kìlómítà kejì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìkẹta, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí díìṣì ilé tó lè fara da ìyẹn, kò sì sí ohun tí ẹ lè rà láti fi wò ó sàn.

Ìtùnú ibẹ̀ ni pé irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ sábà máa ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30, lẹ́yìn náà á di òjò jẹ́jẹ́, ìlà á sì padà. Láti Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹwàá ni ti wa, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ lóṣù kẹjọ, ìrọ̀lẹ́ ni òjò oníjì sì fẹ́ràn jù. Apá ìlà-oòrùn ló ti máa ń ṣú wá, ẹ̀fúùfù á sì ṣáájú. Ìyára ló máa kọ́kọ́ lọ, láti mégábíìtì 80 sí 30 sí 8, nítorí ẹ̀rọ náà ń dín ọ̀rọ̀ kù kó lè gbọ́ ara rẹ̀ yé. Gígé ló máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní fọ́ọ̀mù láti fi ránṣẹ́ sí yunifásítì LAUTECH ṣáájú aago 6 ìrọ̀lẹ́, tó rí i pé ìlà-oòrùn ti dúdú, kó fi í ránṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà, tàbí kó yí sí dátà orí síìmù. Tí mànàmáná bá bẹ̀rẹ̀ sí í bù, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná; ìdákẹ́ ìṣẹ́jú 20 sàn ju díìṣì tuntun lọ.

Àmì kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Tí òjò bá ti dá ní wákàtí kan, tí oòrùn ti yọ, tí gígé kéékèèké ò sì dẹ́kun, kì í ṣe òjò mọ́, ewé tútù ni. Ewé máńgòrò tó gbẹ lè jẹ́ kí ìgbì díẹ̀ kọjá; tí omi bá wà lórí rẹ̀, ó di ògiri. Igi yẹn ti ń dí yín tẹ́lẹ̀, òjò kàn tú àṣírí rẹ̀ ni. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ á gbẹ táútáú, ìlà á sì gé nítorí òjò tó ń rọ̀ sórí ibùdó orí ilẹ̀ níbòmíràn. Ìgbì tí àwọn ibùdó yẹn ń lò tún kúrú ju ti ilé lọ, òjò sì ń dà á láàmú jù. Nẹ́tíwọọ̀kì máa ń yí ọ̀nà padà fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

Kí ẹ má ṣe fi táńpólì, ọ̀rá tàbí agboòrùn bo díìṣì "kí òjò má bàa pa á". Wọ́n ṣe é fún òjò. Omi tó bá dúró sórí ọ̀rá yẹn ló máa wá dí i pa. Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Wóró eruku kéré jù láti dí ìgbì yìí. Aṣọ tútù kan lóṣù ti tó. Ooru oṣù kejì àti ìkẹta ló yẹ kí ẹ rò ju ọyẹ́ lọ. Díìṣì tó sùn lé páànù gbígbóná máa ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù láti dáàbò bo ara rẹ̀, nítorí náà ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìyára tó yẹ kí ẹ retí

Tí igi ò bá sí lọ́nà, tí ojú ọjọ́ sì dára, ẹ fi èyí ṣètò. Láàárín òru sí kùtùkùtù òwúrọ̀, mégábíìtì 100 sí 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lè ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án, 50 sí 120. Láàárín aago 7 sí 11 alẹ́, 20 sí 60, nítorí gbogbo àdúgbò ló ń pín sátẹ́láìtì kan náà lò. Fífi ránṣẹ́ sókè kéré gan-an, 8 sí 20. Ẹni tó bá wọn 180 lóru tó sì ń retí rẹ̀ lálẹ́, ara rẹ̀ ló ń tàn. Nọ́ńbà alẹ́ ni kí ẹ fi ra ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Ẹ má sì jẹ́ kí bíìtì àti báìtì dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Mégábíìtì 60 jẹ́ mégábáìtì 7.5 péré. Fáìlì gígàbáìtì 1.5 á gba ìṣẹ́jú 3 àti díẹ̀ tí kò bá sí ẹlòmíràn lórí rẹ̀.

Àwọn onílé ọmọ ilé-ìwé ló yẹ kó ṣírò jù. Yàrá 12 lórí díìṣì kan, alẹ́ tí ìlà fún wọn ní 40: ó kan yàrá kọ̀ọ̀kan ní mégábíìtì 3 àti díẹ̀. Ó tó fún fídíò kékeré àti ìpè, àmọ́ fídíò tó mọ́ kedere ń jẹ bíi 5. Tí yàrá mẹ́jọ bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní jẹ́ káwọn tó kù rí tiwọn lò. Ẹ fi ààlà sí ìyára ẹnì kọ̀ọ̀kan láti orí ráútà tó lè ṣe é, 4 fún yàrá kan lálẹ́, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ lẹ́yìn aago 12. Kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ wọn, ẹ ṣe `Speed Test` nínú ápù ní aago 9 alẹ́, ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ẹ yan èyí tó ń pín èsì sí méjì, láti ẹ̀rọ yín dé ráútà àti láti ráútà dé íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí ti kejì bá jẹ́ 55 tí ti àkọ́kọ́ jẹ́ 15, kì í ṣe sátẹ́láìtì ló ń jẹ yín níyà. Ráútà kejì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ nílò.

Tí ẹ bá máa kàn sí àwọn oníṣẹ́ nínú ápù, ẹ kó nǹkan mẹ́ta jọ: àwòrán `Obstructions` tí ó ti pé ọjọ́ kan, èsì píìngì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú aago tí ẹ ṣe é, àti bóyá òjò ń rọ̀ nígbà náà. Ẹ tún ya àwòrán ọ̀run náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní Oṣù Kẹfà, nígbà tí ewé bá ti kún.